Orúkọ wo ló yẹ pípa ẹ̀rí kíkà?

Ìbéèrè: “Ẹ̀yin àgbà, mò ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré lórí Wásáàpù fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Kí ni kí n pe Read receipts, ìyẹn máàkì méjì tí ó máa ń di búlúù bí ẹni tí a kọ̀wé sí bá ti ka ọ̀rọ̀ wa, àti Last seen, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá pa wọ́n kò ní rí ti ẹlòmíràn mọ́?”

Olùkọ́ èdè: Mo dábàá “ẹ̀rí ìkà” àti “ìgbà tí a rí i kẹ́yìn”. Kí a pe pípa wọn ní “ìfarapamọ́”, nítorí ẹni tí ó pa wọ́n ti sá pamọ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ògbufọ̀: Ẹ jọ̀wọ́ sà, “ẹ̀rí ìkà” yóò mú kí àwọn ìyá wa ronú kan ìwà ìkà, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, “ẹ̀rí kíkà” ni mo fara mọ́. Ní ti Last seen, kò sí ẹni tí ó rí onítọ̀hún: àkókò tí ó lo Wásáàpù gbẹ̀yìn ni ó ń fi hàn, nítorí náà “ìgbà ìlò kẹ́yìn” ni yóò bá a mu. “Ìfarapamọ́” ni n kò lè gbà rárá, nítorí ẹni tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé ṣì ń rí àwọn tí ń kọjá lóde. Bí Àjọkẹ́ bá pa ẹ̀rí kíkà tirẹ̀, tí Àdìó kò sì pa tirẹ̀, máàkì méjì aláwọ̀ eérú ni Àdìó yóò máa rí lẹ́yìn tí Àjọkẹ́ bá ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Àdìó bá ka ti Àjọkẹ́, aláwọ̀ eérú kan náà ni Àjọkẹ́ yóò rí, kò ní di búlúù. Pàṣípààrọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà mo dábàá “yíyọwọ́ nínú ẹ̀rí kíkà”.

Oníṣòwò aṣọ: Ẹ má bínú, èmi pa tèmi, n kò sì mọ àwọn tí ń wo aṣọ tí mo gbé sí Status mọ́. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?

Ògbufọ̀: Rárá o, ìyá mi. Bọ́tìnnì kan náà ni ó ń darí méjèèjì. Ẹ tún un tàn bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn oníbàárà tí ń wo ọjà yín. Ẹ tún rántí pé nínú ẹgbẹ́, àti lórí ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn sọ ránṣẹ́, pípa á kò bo ohunkóhun: wọn yóò mọ̀ pé ẹ ti kà á tàbí pé ẹ ti gbọ́ ọ.

Olùkọ́ èdè: Mo gba “ẹ̀rí kíkà” tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n “yíyọwọ́” yóò jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹni náà ti kúrò lórí Wásáàpù pátápátá.

Ògbufọ̀: Ìdí nìyẹn tí mo fi so ohun tí a yọwọ́ nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún wúlò fún ìgbà ìlò kẹ́yìn, nítorí, nínú àwọn tí ó ní nọ́ńbà wọn lórí fóònù rẹ̀, ẹni tí ó bá yan My contacts except… ti yọwọ́ pẹ̀lú kìkì àwọn tí ó yọ sílẹ̀. Òun náà kò ní rí tiwọn.

Olùkọ́ èdè: Fún ìyẹn, ó bá a mu. Fún ti ẹ̀rí kíkà, tí kò sí yíyan ẹnì kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, n kò tíì gbà.