Ọkọ̀ kan, ọjà méjì: báwo lẹ ṣe ń pín owó ọ̀nà?

Ìyá Ìpékeré, Ìkéré
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ní kí a jọ máa fi ọkọ̀ òun kó ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Adó, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Àpò 20 ni tiẹ̀, kílò 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí ìpékeré 50 ni tèmi, kílò mẹ́rin-mẹ́rin. Owó ìrìn kan jẹ́ 35,000 náírà: epo 15,000, awakọ̀ 8,000, ọmọ tó ń já ẹrù 4,000, owó àtúnṣe ọkọ̀ 8,000. Ó ní àyè tí ẹrù gbà ni ká fi pín in. Ṣé kílò kọ́ ló yẹ?

Àgbà Akẹ́rù, Adó
Ìyá, kálukú yín ń mú òṣùwọ̀n tó gbè é. Bí ẹ bá fi kílò pín in, òun á san 25,000, ẹ̀yin á san 10,000 péré, bẹ́ẹ̀ ká ní páálí yín ló gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè ọkọ̀, tí ìrẹsì gba ìyókù. Bí ẹ bá fi àyè pín in, tiyín á lé ní 23,000, òun á sì san bíi 11,700, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì rẹ̀ ló ń jẹ táyà.

Ẹ bi awakọ̀ ní ìbéèrè méjì. Bó bá jẹ́ ìrẹsì nìkan ló kó, àpò mélòó ni ọkọ̀ á gbé tí kò fi ní pa á lára? Ká ní ó ní 40, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan. Bó bá jẹ́ ìpékeré nìkan ńkọ́, páálí mélòó ló máa kún inú rẹ̀? Ká ní 75. Àpò 20 jẹ́ ìdajì ẹrù ọkọ̀, páálí 50 jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìyẹn ni mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ pín 35,000 sọ́nà méje: òun á san 15,000, ẹ̀yin á san 20,000. Ẹ kọ bí páálí ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó sínú àdéhùn. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ ra páálí tó tóbi ju èyí lọ, 75 yẹn kò jóòótọ́ mọ́, ẹ ní láti tún un kà.

Onímáàkẹ́ẹ̀tì, Ọ̀yẹ́
Gbogbo ìṣirò yìí ti pọ̀ jù. Ẹ da èrè pọ̀, kí ẹ pín in dọ́gba lóṣooṣù.

Akọ̀wé Àdéhùn
Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrè tí ẹ bá ń pín lè di ẹ̀rí lójú òfin pé òwò kan ṣoṣo lẹ jọ ń ṣe, kí gbèsè tí onírẹsì jẹ níbòmíràn sì wá kan Ìyá Ìpékeré. Ẹ kọ ọ́ kedere pé owó ọkọ̀ nìkan lẹ jọ ń san, kálukú ló ni ọjà rẹ̀, èrè rẹ̀ àti àdánù rẹ̀.

Elépo Pupa, Ìjerò
Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ kọ́ ló bà wá jẹ́ o. Awakọ̀ ẹni tí a jọ ń kó ọjà ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá san díẹ̀, awakọ̀ á kọ́kọ́ yọ ti ọ̀gá rẹ̀, gbèsè tó kù á wá di tèmi. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó mọ̀.

Àgbà Akẹ́rù, Adó
Ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Kí kálukú ní ìwé ọjà tirẹ̀, kí oníṣọ́ọ̀bù buwọ́ lu méjèèjì, kí ó sì san owó sí àkáǹtì oníkálukú. Bí owó bá kọjá lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ pín in bí gbèsè ṣe tó. Ẹni tó jẹ ìrẹsì 20,000 àti ìpékeré 12,000, tó wá san 16,000, ìdajì gbogbo gbèsè ló san. Ìrẹsì á gba 10,000, ìpékeré á gba 6,000. Bí gbèsè ẹnìkan bá ń lọ sílẹ̀ tí ti ẹnìkejì ń ga ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹ pe oníṣọ́ọ̀bù fúnra yín kí ẹ bi í.

Ìyá Ìpékeré, Ìkéré
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá wọ́n tó jẹ́ páálí 20 péré ni mo rí kó wá ńkọ́?

Àgbà Akẹ́rù, Adó
Epo àti owó awakọ̀ kì í dín kù nítorí pé ẹrù dín kù. Lójú mi, 20,000 yẹn lẹ máa san, àfi bí ẹ bá sọ fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú tó sì rí ẹrù ẹlòmíràn fi dí àyè náà.

Elépo Pupa, Ìjerò
Èmi ò gbà. Ọkọ̀ tiẹ̀ ni, ó kúkú máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìdajì tó.

Akọ̀wé Àdéhùn
Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kó wà nínú ìwé kí ọkọ̀ tó gbéra lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí epo bá sì kọjá 15,000, ìdá méje yẹn náà ni kí ẹ fi pín èyí tó lé.

Ìyá Ìpékeré, Ìkéré
Màá kó páálí lọ bá awakọ̀ lọ́la ká jọ kà á, bóyá 75 ni lóòótọ́.