QoS: ṣé "ìyàlọ́nà" ni, àbí "àyèpínpín"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìtọ́nà ráútà ní Yorùbá fún àwọn ará ilé wa. Bí wọ́n bá ti ń wo fídíò ní pálọ̀, gẹ́ẹ̀mù àbúrò mi á máa dúró gbagidi, á tún fò síwájú. Mo pe ìyẹn ní "dákú-dájí". QoS tí mo rí lórí ráútà, ìyẹn Quality of Service, mo pè é ní "dídára ìpèsè". Ṣé wọ́n bá a mu?

Àǹtí olùkọ́: Dákú-dájí dára, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ. "Dídára ìpèsè" ni kò sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Ó ń ní kí ẹnìkan yà fún ẹlòmíràn ni, bí mọ́tò ṣe ń yà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn. "Ìyàlọ́nà" ni kí o pè é. Fi gẹ́ẹ̀mù ṣíwájú fídíò nínú rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n tó ń to nẹ́tíwọ̀kì: Àǹtí wa, ẹ má bínú, kò tíì parí. Iná ni ó máa ń dákú-dájí: ó lọ, ó dé. Níbí, kò sí ohun tó lọ. Ẹrù kéékèèké gẹ́ẹ̀mù wà lójú ọ̀nà, ó kàn tò sẹ́yìn ẹrù fídíò ni. Fídíò kì í wá ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí omi ẹ̀rọ. Á fa ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, á sinmi, á tún fà. Ìgbà tó bá ń fà ni ọ̀nà ń kún, ìdí nìyẹn tí gẹ́ẹ̀mù fi ń dúró tó sì ń fò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lorúkọ rẹ̀.

Ibo wá ni ìlà tí ẹrù ń tò sí náà wà? Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni, kí ẹrù tó dé ráútà wa rárá. Kí ni yẹ́lò fífà tó dúró lẹ́nu géètì wa lè ṣe sí gọ-sílóò tó wà ní Òjótà? Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá fa ìlà náà wá sẹ́nu géètì ni ó tó lè tò ó. Bí a ṣe ń fà á ni pé kí a jẹ́ kí ọ̀nà inú ráútà há ju ọ̀nà ìta lọ díẹ̀. Nígbà náà ni ráútà á máa dá ẹrù dúró, á máa ju díẹ̀ nù, olùránṣẹ́ á sì mọ̀ pé kí òun rọra.

Nílé tèmi, 20 mẹ́gábíìtì ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 4 ló ń jáde. Bí a bá ń wo fídíò ní yàrá méjì, `ping`, ìyẹn àkókò tí ẹrù fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀, tó wà ní 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá máa ń fò dé 380. Mo fi OpenWrt, ètò tó ń darí ráútà, sórí ráútà, mo fi `sqm-scripts` kún un, mo sì kọ èyí, ní kílóbíìtì:

```
uci set sqm.eth1=queue
uci set sqm.eth1.interface='eth1'
uci set sqm.eth1.qdisc='cake'
uci set sqm.eth1.script='piece_of_cake.qos'
uci set sqm.eth1.download='17000'
uci set sqm.eth1.upload='3400'
uci set sqm.eth1.enabled='1'
uci commit sqm
/etc/init.d/sqm restart
```

`eth1` ni ẹnu ọ̀nà ìta lórí ráútà tèmi. Wo tìrẹ dáadáa. Láti ìgbà náà, `ping` kì í kọjá 40, fídíò kò sì dúró. Mo pàdánù mẹ́gábíìtì mẹ́ta, kò dùn mí. Nígbà tí mo dán 20000 wò, ìlà padà sọ́hùn-ún. Nítorí náà, jẹ́ kí fídíò máa lọ, kí o máa gbé iye náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí `ping` bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, padà sẹ́yìn níbẹ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé n kò sọ fún un pé gẹ́ẹ̀mù ló ṣáájú. `cake` ń fún oníkálukú láàyè tirẹ̀, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré kì í sì í pẹ́ nídìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní "àyèpínpín".

Màmá kan láti Lọ́ńdọ́nù: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Dátà tèmi ló máa ń tètè tán nínú máífáì. Ṣé bí mo bá dín ọ̀nà rẹ̀ kù báyìí, á pẹ́ díẹ̀ sí i?

Ẹ̀gbọ́n: Rárá, Mà. Kì í ka dátà, bí ẹrù ṣe ń tò ni ó ń bójú tó. Máífáì tiẹ̀ ṣòro jù, torí pé iye tó ń wọlé láàárọ̀ kọ́ ló ń wọlé lálẹ́. Bí ẹ bá kọ 12000 tí ó sì di 5 mẹ́gábíìtì lálẹ́, ọ̀dọ̀ òpó ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìlà tún wà. Iye kan ṣoṣo kò lè bá a mu.

Àǹtí olùkọ́: Mo gba súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó lé tèmi. Ṣùgbọ́n "àyèpínpín" lè dàrú mọ́ pípín àyè inú kọ̀ǹpútà. Ráútà tó wà nílé wa sì ní ojú-ìwé kan tí wọ́n kọ QoS sí, níbi tí èèyàn ti ń yan ẹ̀rọ tí yóò ṣáájú. Kí ni ìyẹn, bí kò bá ṣe ìyàlọ́nà?

Ẹ̀gbọ́n: Ìyàlọ́nà ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ibi tí wọ́n ti ń kọ iye wọlé-jáde lójú-ìwé yẹn, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa dákú-dájí rẹ́. Màá lo ìyàlọ́nà fún yíyan ẹ̀rọ, àyèpínpín fún iṣẹ́ `cake`. QoS fúnra rẹ̀ tó kó méjèèjì pọ̀ ni n kò tíì rí orúkọ fún, mo fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé.