Aṣiwagáńdà mélòó ló wà nínú ike yìí? Dókítà ń bi mí, ọ̀la ni mo fẹ́ rí i

Ìyá Àdùkẹ́ (Àtìláńtà): Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ mọ̀ pé mò ń lo oògùn táírọ́ìdì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi dé lónìí, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà. Dókítà bi mí bóyá mò ń lo nǹkan mìíràn, mo ní mò ń lo kápúsù tí mo fi ń rí oorun sùn, tó ní egbò kan tí wọ́n ń pè ní aṣiwagáńdà nínú. Ó ní kí n mú iye aṣiwagáńdà tí mò ń gbé mì lójúmọ́ wá lọ́la. Mo wo ẹ̀yìn ike títí ojú fi ń ro mí. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àdàpọ̀ ìsinmi, mílígíráàmù 800. Orúkọ ewé àti egbò mẹ́jọ wá tò tẹ̀lé e, aṣiwagáńdà ló ṣìkẹrin. Wọn ò kọ iye kankan síwájú ìkankan nínú wọn. Àyà mi ń já.

Bọ̀dá Láńre (Hústìn): Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Àdùkẹ́. 800 pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, 100 ni. Ẹ sọ fún dókítà pé 100.

Ẹ̀gbọ́n Rájí (Hústìn): Láńre, rọra. Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n pín in dọ́gba? Ilé iṣẹ́ tó ń di kápúsù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá àyẹ̀wò ni mo wà. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n fi iye ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́, kí wọ́n kọ àpapọ̀ nìkan. Àmọ́ dandan ni kí wọ́n to orúkọ wọn láti orí èyí tó wúwo jù dé orí èyí tó fúyẹ́ jù. Ibẹ̀ la ti máa mú wọn.

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ bá mi rò ó. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú aṣiwagáńdà, kò sí èyí tó lè kéré sí i. Ká ní aṣiwagáńdà jẹ́ 250, àwọn mẹ́ta yẹn náà á jẹ́ 250 ó kéré tán, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti di 1,000, bẹ́ẹ̀ 800 ni gbogbo àdàpọ̀ náà. Torí náà kò lè ju 200 lọ. Ibi tó lè ga dé la mọ̀ yẹn o. Ibi tó lè kéré dé, a ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ 150, ó sì lè jẹ́ 5, kí wọ́n kàn lè rí orúkọ rẹ̀ kọ síwájú ike.

Ẹ tún wo òkè àpótí tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sí. Kápúsù mélòó ni wọ́n kà sí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan?

Ìyá Àdùkẹ́: Méjì. Àmọ́ mẹ́rin ni mò ń lò, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Rájí: Ó ti yàtọ̀ nìyẹn. 800 yẹn, ti kápúsù méjì ni. 1,600 lẹ̀ ń gbé mì lójúmọ́, aṣiwagáńdà inú rẹ̀ sì lè tó 400. Ṣé egbò lílọ̀ lásán ni wọ́n kọ, àbí èyí tí wọ́n fa agbára egbò náà yọ? Èyí tí wọ́n fà yọ le ju lílọ̀ lọ dáadáa.

Ìyá Àdùkẹ́: Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ, kò sí àlàyé.

Títí (Mánísẹ́sítà): Ẹ ṣeun o. Èmi náà kì í rí oorun sùn. Kí lorúkọ kápúsù yẹn, kí n lọ rà á?

Àǹtí Ṣadé (Lọ́ńdọ̀nù): Títí, ka ọ̀rọ̀ látòkè wá. Ẹni tí kápúsù dá wàhálà sí lára lò ń bi ní orúkọ kápúsù.

Èmi ò fi ọ̀rọ̀ àdàpọ̀ ṣeré mọ́. Àbúrò mi ń sáré ìdíje ní yunifásítì. Ó ra ìyẹ̀fun kan tí wọ́n pè ní àdàpọ̀ agbára, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá oògùn tí wọ́n fòfin dè nínú rẹ̀. Orúkọ oògùn yẹn ò sí lára ike rárá. Odidi sáà kan ni wọn ò jẹ́ kó sáré. Látìgbà yẹn, tí mi ò bá rí àmì àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní rà á.

Bọ̀dá Láńre: Tèmi ní àmì. Magnẹ́síọ̀mù ni, wọ́n kọ USP sí i gbangba.

Ẹ̀gbọ́n Rájí: Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ṣé àmì róbótó tó ní USP Verified ni, àbí lẹ́tà mẹ́ta lásán lẹ́yìn orúkọ èròjà?

Bọ̀dá Láńre: Lẹ́yìn orúkọ èròjà. Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Ẹ̀gbọ́n Rájí: Rárá o. Lẹ́tà lásán, ẹni tó ṣe é ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé èròjà òun bá ìlànà mu. Àmì róbótó, USP, àjọ tó ń gbé ìlànà oògùn kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fúnra wọn ló yẹ ilé iṣẹ́ náà wò, wọ́n yẹ ọjà náà wò bóyá ohun tí wọ́n kọ ló wà níbẹ̀, bóyá iye rẹ̀ pé, bóyá ó mọ́, bóyá á sì yọ́ nínú ikùn. Má gba àwòrán ara ike gbọ́, wá orúkọ ọjà náà ní quality-supplements.org. Ní ti àwọn tó ń sáré, àmì NSF Certified for Sport tàbí Informed Sport ni kí wọ́n wá. Informed Sport máa ń yẹ ọ̀wọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan wò, torí náà ẹ fi nọ́ńbà ọ̀wọ́ tó wà lára ike wé ti orí ìkànnì wọn.

Bọ̀dá Láńre: Ẹni tó bá kọ irọ́ sára ike, ṣé ìjọba ò ní mú un ni? Mo gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́ ní tèmi.

Àǹtí Ṣadé: Kí wọ́n tó mú un, ìwọ ti gbé e mì tán. Láńre, pààrọ̀ ike yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ (Tòróńtò): Ẹ̀yin ará Hústìn ẹ kú ìyà. Níbí, a máa ń rí NPN lára ike, nọ́ńbà àṣẹ ìjọba tó ní díjíìtì mẹ́jọ. Dandan sì ni kí wọ́n kọ iye èròjà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kó wá bá wa.

Ẹ̀gbọ́n Rájí: Àbẹ̀kẹ́, mo gbà fún yín lórí kíkọ iye. Àmọ́ NPN ò sọ pé ẹnikẹ́ni gbé ike tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìwé ni wọ́n kà kí wọ́n tó fún wọn ní nọ́ńbà.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní ìwé tí ẹnikẹ́ni máa kà!

Àǹtí Ṣadé: Lọ́ńdọ̀nù ní THR, àmì ìforúkọsílẹ̀ oògùn ewé ìbílẹ̀, ẹ má gbàgbé wa.

Bọ̀dá Láńre: Òjò Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, ṣé òun náà ní THR?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ kápúsù oorun nígbà tí mo wà nílé. Gbogbo ilé á ti dákẹ́ báyìí níbí, ojú mi á là sílẹ̀, màá máa ka ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́ lọ́dọ̀ àwọn màmá mi kí n lè pè wọ́n.

Títí: Èmi náà nìyẹn, Màmá.

Ìyá Àdùkẹ́: Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n fèsì pé àṣírí òwò àwọn ni. Ẹ̀gbọ́n Rájí, ṣé kí n wá sọ fún dókítà pé 400 ni?

Ẹ̀gbọ́n Rájí: Ẹ sọ pé kò lè ju 400 lọ, ẹ sì gbé ike náà dání. Àwọn ìwádìí tí mo mọ̀, 600 lójúmọ́ ni púpọ̀ nínú wọn lò, ti èyí tí wọ́n fà yọ. Àmọ́ pé tiyín kéré sí i ò sọ pé kò lè kan táírọ́ìdì o, torí aṣiwagáńdà lè gbé e sókè. Ẹ tún ní kí dókítà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, wọ́n lè dá a lóhùn ju yín lọ.

Ìyá Àdùkẹ́: Ti alẹ́ òní ńkọ́? Ó ti wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n Rájí: Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí dókítà. Oògùn táírọ́ìdì gan-an ni kí ẹ má fi sílẹ̀. Egbò méje yòókù ńkọ́, kí lorúkọ wọn? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí.

Títí: Ẹ ya iwájú rẹ̀ náà, kí n lè mọ èyí tí mi ò ní rà.