Ẹ wá sọ tiyín: ooru tí ilẹ̀ gbé mì lára páìpù mi ní Mọ́níyà

Ọmọ Apátá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tójú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ìtìjú rẹ̀ ò tíì tán lára mi.

Ilé ìtura kan lọ́nà Mọ́níyà ló pè mí. Bọ́ílà wọn wà lẹ́yìnkùlé, ilé ìfọṣọ wà lódìkejì ọgbà, mítà 40 ló sì wà láàárín wọn. Ọkọ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá, wọn ò fẹ́ kí páìpù gba òkè, la bá sin ín. Páìpù irin ni, fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 60, àárín rẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 60 jìn sí ojú ilẹ̀. A ò fi nǹkan kan wé e. Dígírì 85 ni omi fi ń kúrò nínú bọ́ílà, tọ̀sán tòru ló sì ń ṣàn, lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan.

Alága ilé ìtura náà bi mí pé, "Ẹnjiníà, ṣé omi yìí ò ní tutù kó tó débẹ̀?" Mo fa ẹ̀rọ ìṣirò yọ níwájú rẹ̀. Mo ṣírò awọ ara páìpù, ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7.5. Mo fi 0.5 ṣe k ilẹ̀, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe mọ ooru gbé tó, mo fi dígírì 57 tó wà láàárín omi àti ojú ilẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, mo wá fi 0.6 pín in. Ó fún mi ní nǹkan bíi wáàtì 358. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Sà, kò tó gílóòbù wáàtì 100 mẹ́rin." Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dé orí omi, kò yẹ kó tutù tó dígírì kan.

Nígbà tó di oṣù Kejì, mo ki tẹmọ́mítà bọ omi nílé ìfọṣọ. Dígírì 80. Mo rò pé tẹmọ́mítà ló ń purọ́, mo lọ yá òmíràn. 80 náà ni. Nígbà tó wá di oṣù Keje, tí òjò ti mu ilẹ̀ yó, ọmọbìnrin tó ń fọṣọ pè mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fọwọ́ kan omi yín." 73! Ajá ilé ìtura náà ti mọ̀ ṣáájú mi. Gbogbo ìdájí ló máa ń nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ tó bo páìpù, kì í sùn síbòmíràn.

Mo ti mọ ibi tí mo ti ṣì í báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀.

Bàbá Bódìjà

Ọmọ Apátá, kò sí ẹni tí kò tíì jìn sí kòtò yẹn nínú wa. Ohun tí o ṣe ni pé o mú ooru bí ẹni tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kọjá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ò fẹ̀ ju awọ páìpù lọ títí tó fi dé ojú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ooru ń rìn. Bó bá ti kúrò lára irin báyìí, ńṣe ló ń tàn káàkiri, sí ẹ̀gbẹ́, sí ìsàlẹ̀ pàápàá, kó tó wá yí padà sókè. Bó ṣe ń jìnnà sí páìpù ni ọ̀nà ń fẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òǹkà ìrísí, tí a ń pè ní S. S ló ti gba gbogbo títàn káàkiri yẹn sínú:

```
q = S * k * (T1 - T2)
S = 2πL / ln(4z/D)
```

q ni wáàtì tó ń sọnù, L ni gígùn páìpù, z ni bí àárín rẹ̀ ṣe jìn sí ojú ilẹ̀, D ni fífẹ̀ rẹ̀, T1 àti T2 sì ni dígírì omi àti ti ojú ilẹ̀. z rẹ ni 0.6, D ni 0.06. 4z/D jẹ́ 40, ln rẹ̀ sì jẹ́ 3.69. Fi ìyẹn pín 2π ní ìgbà 40, wàá rí S bíi mítà 68. Fi 0.5 àti 57 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé díẹ̀ ní wáàtì 1,900. O rí i pé ó ju tìrẹ lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Ibi tí wọ́n tún máa ń ṣì sí ni z. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín páìpù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ní tìẹ, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Lára páìpù ńlá tí kò jìn, ó máa dà á rú.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ Ọ̀jọ́ọ̀

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Kó gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn sí i ni. Ó wà ní 60, kó sọ ọ́ di 120, ooru tó ń sọnù á dín sí ìdajì. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni aṣọ òtútù.

Bàbá Bódìjà

Ẹlẹ́ẹ̀rọ, ó jọ òótọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Fi 1.2 sí z, 4z/D á di 80, ln 80 jẹ́ 4.38. S á wá di 57. Láti 68 sí 57, kò ju ìdá mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwọ rò ó wò, kí o san owó kòtò ìlọ́po méjì fún mítà 40, nínú òkúta Mọ́níyà, kí o sì jèrè ìyẹn nìkan! Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti tọ̀nà ni páìpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Níbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré lè ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n bí z kò bá tó ìlọ́po kan àbọ̀ D, má lo èyí tí mo kọ sókè yẹn, cosh⁻¹(2z/D) ni kí o fi rọ́pò ln.

Ìyá Ìbejì Oríta Mẹ́fà

Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, táńkì omi tèmi lórí òrùlé ni mo fẹ́ bi yín. Lọ́sàn-án omi rẹ̀ á gbóná bí ẹ̀kọ gbígbóná, lóru á tutù. Ṣé ìṣirò S yìí náà ni mo máa lò?

Bàbá Bódìjà

Rárá, Ìyá Ìbejì. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ló ń dà yín láàmú. S wà fún ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú nǹkan líle mìíràn tó gbá a mọ́ra. Ẹ kàn kùn ún ní funfun tàbí kí ẹ fi páànù ṣíji bò ó.

Ọmọ Apátá

Mo fẹ́ fi kún un, torí ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. S mi kò yí padà láti oṣù Kejì dé oṣù Keje. Páìpù ò gùn sí i, kò sún. k ló yí padà. Mo wá lo páìpù fúnra rẹ̀ láti fi mọ k.

Lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí pé dígírì kọ̀ọ̀kan tí omi bá pàdánù jẹ́ wáàtì 418. Ní oṣù Kejì, dígírì 5 ló pàdánù, ìyẹn wáàtì 2,090. Omi tó wà nínú páìpù wà ní 82.5 bí a bá mú un ní ìdajì ọ̀nà, ojú ilẹ̀ sì wà ní bíi 28, ìyàtọ̀ jẹ́ 54.5. Mo fi 68 pín, mo tún fi 54.5 pín: k jẹ́ 0.56. Ní oṣù Keje, dígírì 12 ló lọ, ó lé ní wáàtì 5,000. Ilẹ̀ Ìbàdàn máa ń tutù díẹ̀ nígbà yẹn, mo fi 25 ṣe ojú ilẹ̀. k bọ́ sí bíi 1.4. Ilẹ̀ kan náà, páìpù kan náà! Omi òjò ló ti gba ipò afẹ́fẹ́ láàárín iyẹ̀pẹ̀, ó sì mọ ooru gbé ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì.

Olóko Ìdó

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Táńkì tèmi rí roboto bí bọ́ọ̀lù, inú ilẹ̀ ló wà, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ la ń dà sínú rẹ̀ kó lè fún wa ní gáàsì ìdáná. Mítà 2 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní mo gbọ́dọ̀ ra hítà wáàtì 2,000 torí ilẹ̀ ń fa ooru rẹ̀. Inú rẹ̀ ò ju 35 lọ, ilẹ̀ wà ní 27. Mo ti fẹ́ sanwó o.

Bàbá Bódìjà

Dáwó dúró ná. Ti bọ́ọ̀lù yàtọ̀:

```
S = 2πD / (1 - D/(4z))
```

Bí àárín rẹ̀ bá wà ní mítà 2 sínú ilẹ̀, D/(4z) jẹ́ 0.25, S jẹ́ 12.57 tí a fi 0.75 pín, ìyẹn bíi 16.8. Ká fi 1 ṣe k, ìyàtọ̀ ooru jẹ́ 8. Wáàtì 134. Gílóòbù kan àti ààbọ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Kódà bí o bá sin bọ́ọ̀lù yẹn títí dé ọ̀run àpáàdì, S rẹ̀ ò lè wálẹ̀ ju 12.57 lọ, nítorí náà má gbẹ́ ilẹ̀ kankan sí i. Omi tútù tí ẹ fi ń po ìgbẹ́ láràárọ̀ náà á gba ooru tirẹ̀ o, ìyẹn ò sí nínú S.

Olóko Ìdó

Ẹ ṣé, bàbá. Àmọ́ ọrùn rẹ̀ yọ síta díẹ̀ o, ẹnu rẹ̀ la fi ń da nǹkan sínú.

Bàbá Bódìjà

Háà. Ìṣirò yẹn gbà pé gbogbo bọ́ọ̀lù wà nínú ilẹ̀. Apá tó yọ, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Fi ìbora bo ibẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí o wọn bí inú rẹ̀ ṣe ń tutù lóru. N ò lè fi ẹnu sọ iye rẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀rọ Ọ̀jọ́ọ̀

Èmi náà ní tèmi. Ilé búrẹ́dì kan: aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ nìkan ni bọ́ílà wọn ń ṣiṣẹ́. Mo lo S yìí gan-an, ooru tó sọnù fi púpọ̀ ju ohun tí S sọ lọ. Ẹ wá ń sọ pé ìṣirò yín tọ̀nà.

Bàbá Bódìjà

Kò lè tọ̀nà níbẹ̀. S jẹ́ ti ilẹ̀ tó ti gbóná dé ibi tó fẹ́ gbóná dé, tó ti dúró sójú kan. Fún páìpù tó jìn tó ti Ọmọ Apátá, ilẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró. Tìrẹ, gbogbo òwúrọ̀ ló ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lára irin sì ń mu ooru bí ẹni tóùngbẹ ń gbẹ. Wákàtí mẹ́rin yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni.

Ọmọ Apátá

Mo ti ṣírò ti ìbora. Fóòmù tó nípọn ní mìlímítà 25, tí k rẹ̀ jẹ́ 0.04, á mú ti oṣù Keje wá sílẹ̀ láti wáàtì 5,000 sí bíi 870. Omi ò ní pàdánù ju bíi dígírì 2 lọ. Àmọ́ bí omi òjò bá wọ inú fóòmù yẹn, ó ti di kànrìnkàn nìyẹn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù rọ́bà tí kò gbomi.

Kí n tó bá wọn sọ̀rọ̀ owó, mo gbẹ́ mítà 2 péré síta lóṣù Kẹjọ kí n lè wo irin náà. Ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Ilẹ̀ tó sún mọ́ páìpù, bí ìbú ìka mẹ́ta yíká, gbẹ fúrúfúrú, ó ń dà wúruwùru bí gàrí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ pupa tútù tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. k méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan, 1.4 tí mo rí kàn jẹ́ àpòpọ̀ wọn ni. Tí mo bá wé fóòmù mọ́ ọn, tí ara rẹ̀ ò gbóná mọ́, ṣé òrùka gbígbẹ yẹn ò ní mu omi padà?

Ẹlẹ́ẹ̀rọ Ọ̀jọ́ọ̀

Ó máa mu ún. Mo fi ọgọ́rùn-ún náírà ta tẹ́tẹ́.

Bàbá Bódìjà

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ fóòmù ló máa ń gbé ẹrù náà nígbà yẹn, k ilẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan. Ki tẹmọ́mítà rẹ bọ omi lóṣù Keje tó ń bọ̀, kí o wá sọ fún wa.

Ìyá Ìbejì Oríta Mẹ́fà

Ajá yẹn ńkọ́? Ibo ló máa wá sùn?