Ṣéènì wo ló lè bá mi pẹ́ lọ́rùn?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹja tútù ni mò ń tà ní Ìkòròdú, òógùn kì í gbẹ lọ́rùn mi. Ṣéènì tí wọ́n kàn fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa lára ni mo kọ́kọ́ rà. Oṣù mẹ́rin péré, idẹ abẹ́ rẹ̀ ti yọ níbi ìkọ́, ọrùn mi sì ń ní àwọ̀ ewé. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kùn ún, ọ̀sẹ̀ méjì ló bó.

Méjì ni mò ń wò báyìí. Fámẹ́ì: fàdákà 925 ni inú rẹ̀, wúrà orí rẹ̀ nípọn tó máíkírọ̀nù 2.5. Kò ní idẹ nínú, ṣùgbọ́n bí wúrà yẹn bá ti jẹ tán, fàdákà á dúdú. Èkejì ni góòlù-fíìdì tí wọ́n tẹ "1/20 14K GF" sí lára: idẹ ni inú òun náà, àmọ́ wúrà káráàtì 14 tí wọ́n fi iná tẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ ìdá kan nínú ogún ìwúwo rẹ̀. Òun ni ọkàn mi fà sí. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e nìkan ló ń bà mí lẹ́rù, torí idẹ lè yọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ góòlù-fíìdì lójoojúmọ́ nínú òógùn, ọdún mélòó ló lò kí ìkọ́ rẹ̀ tó fi idẹ hàn?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ ṣáájú.