Wáífáì tí mò ń tà ní Tanke: kí n gba owó oṣù ni àbí kí n máa wọn ọ́n?

Onídátà Tanke: Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kú ilé o. Mò ń ta Wáífáì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gígì ni mo fi ń ra dátà, ₦200 ẹyọ kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ogún ènìyàn ń san ₦5,000 lóṣù, kí kálukú lò ó bó ṣe wù ú. Oṣù kìíní, wọ́n lo gígì 400, ₦20,000 ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Oṣù kẹta, wọ́n lo 560, mo fi ₦12,000 dí i. Mo wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ: ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń fa fíìmù lóru ló lo 330 nínú rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn mẹ́fà tó ń lo bíi gígì 5 péré ló kọ́kọ́ kúrò. ₦30,000 bá wọn lọ, gígì 30 ni lílò fi dín. Àdánù di ₦36,000 lóṣù kẹrin.

Mo wá sọ ọ́ di ₦300 fún gígì kan. Mo ta 190, mo jèrè ₦19,000. Iléèwé gba ìsinmi, 30 ni mo tà, ₦3,000 ni èrè, owó ṣọ́ọ̀bù sì dúró dè mí.

Ìyá Ọlọ́mi Tútù, Ọ̀fà: Tiwa náà rèé. Mítà kan là ń lò nínú ilé, onílé ń pín owó iná dọ́gba. Fíríìsà méjì ni mo ní. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, àmọ́ mo mọ̀ pé ará ilé ló ń bá mi san án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Odò: Ìwọ̀n lílò ló dára jù fún gbogbo oníbàárà. Gígì 5 fún ₦5,000, ₦1,000 ni mò ń ra ẹyọ kan láìmọ̀! Àmọ́ lóṣù tó kọjá, fóònù mi ṣàdédé ń tún áàpù ṣe lóru, gígì 2 lọ. Láti ìgbà náà, ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá ń wo fídíò ẹ̀kọ́.

Bàbá Nẹ́tíwọọ̀kì: Ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo oníbàárà. Ẹni tó ń lò púpọ̀ á sunkún. Onídátà, ó dára pé gígì lo fi ń rà á. Èmi ń san owó oṣù kan náà fún ìyára, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó. Aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ ni ìṣòro tèmi, nítorí náà ìyára ni mò ń dín kù fún àwọn tó ń fa ẹrù wúwo lásìkò yẹn. Tìrẹ, gba ₦2,000 fún gígì 5, kí èyí tó bá lé e máa jẹ́ ₦280.

Onídátà Tanke: Ẹ ṣeun, sà. Ìyẹn á tún ti ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yẹn ṣe. Àmọ́ ṣé ẹni tó ti lọ sílé ní Òmù-Àrán á san ₦2,000 fún oṣù tí kò sí níbí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Odò: Èmi ò ní san án o. Àyàfi tí gígì 5 yẹn bá ń dúró dè mí títí n ó fi dé.