Wọ́n yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì fún ọ́dà kan ṣoṣo!

Bísí: Ẹ̀yin ará ilé ẹ gbà mí o! Mo ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná, ojú ìwé yẹn ń yí ń yí kò lọ kò bọ̀, mo bá tún un tẹ̀, àfi bí mo ṣe jí tí mo rí i pé wọ́n ti yọ owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ ọ́dà kan ló sì wọlé sí ímeèlì mi. Rẹ́ǹtì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì!

Kúnlé: Pe báǹkì kíákíá, ní o ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, pé jìbìtì ni. Wọ́n á dá a padà.

Àǹtí Ṣadé: Kúnlé, má kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà jọ̀ọ́. Èmi náà pè é ní jìbìtì nígbà kan, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pa káàdì mi, bílì fóònù àti ti iná tó ń yọ fúnra wọn ò rí owó yọ mọ́, ẹni tí mo ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ sì ti àkáǹtì mi pa. Bísí, wo áàpù báǹkì ẹ dáadáa, ṣé Pending ni wọ́n kọ síwájú èkejì?

Bísí: Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọ̀kan ti wọlé, èkejì ló ṣì wà ní Pending.

Àǹtí Ṣadé: Ó dáa. Báǹkì kàn há ìyẹn mọ́lẹ̀ ni, oníṣòwò ò tíì gbà á. Tí ò bá wá gbà á, á jábọ́ fúnra ẹ̀, bí ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá wá wọlé pátá, oníṣòwò ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé sí: nọ́ńbà ọ́dà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì, àti fọ́tò ibi tí owó méjèèjì ti hàn. Tó bá ṣorí kunkun lo tó lọ bá báǹkì, ní wọ́n gba owó lẹ́ẹ̀mejì fún ọjà kan, ẹyọ kan péré sì ni kó o fi sùn.

Kúnlé: Temi ṣáà bọ́ sí i, wọ́n sanwó mi.

Àǹtí Ṣadé: Torí pé wọn ò wò ó fínnífínní ni!

Ìyá Ìbejì: Èmi pariwo títí, àṣé ọjà mi ni wọ́n pín sí páálí méjì, tó o bá ro owó méjèèjì pọ̀, iye ọ́dà náà gan-an ni. Ṣé iye kan náà ni tìẹ, Bísí?

Túndé: Temi, oníṣòwò ní òun ti dá a padà, báǹkì ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Àǹtí Ṣadé: Bèèrè ARN lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa owó káàdì, díjíìtì mẹ́tàlélógún ló ní, gbé e fún báǹkì kí wọ́n fi wá owó náà. Tí ò bá rí i fún ẹ, bóyá ló dá kọ́bọ̀ padà.

Kúnlé: Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù lẹ máa ń kánjú tẹ bọ́tìnì jàre. Ní Hiúsítìn ńbí, a máa ń ṣe sùúrù.

Ìyá Ìbejì: Sùúrù wo? Ẹ̀yin tí ẹ ti há orin tí báǹkì ń fi sí etí yín lórí fóònù sórí!

Túndé: Haha! Orin yẹn ló máa ń jẹ́ kí àárò ilé sọ mí. Nílé, èèyàn lèèyàn ń kọjú sí, ẹ jọ máa pariwo mọ́ra yín ni.

Kúnlé: Ẹ jẹ́ ká jọ kó owó tíkẹ́ẹ̀tì fún Túndé, kó lọ pariwo díẹ̀ kó padà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì o!